Bí Ètò Arìnkiri Ṣe Ń Wá Líǹkì Tó Ti Kú Lórí Ìkànnì

Líǹkì ni àdírẹ́sì tí wọ́n fi pamọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ tàbí àwòrán lórí ìkànnì ayélujára. Bí ènìyàn bá tẹ ọ̀rọ̀ náà, bíráúsà á mú àdírẹ́sì yẹn lọ bá sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ìkànnì náà ń gbé, á sì béèrè ohun tó wà níbẹ̀. Líǹkì ti kú nígbà tí àdírẹ́sì rẹ̀ kò bá mú ẹnikẹ́ni dé ibi tó ń tọ́ka sí mọ́. Kò sí ohun tó yí padà lójú ìwé tí líǹkì náà wà: ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì ń tàn, ìlà ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ nìkan ló máa mọ̀ pé òfìfo ló wà lẹ́yìn rẹ̀.

Oríṣiríṣi nǹkan ló ń pa líǹkì. Ẹni tó ń bójú tó ìkànnì lè yí orúkọ fáìlì kan padà, kó gbàgbé pé ojú ìwé mẹ́ta ló ń tọ́ka sí orúkọ àtijọ́. Ó lè ṣi lẹ́tà kan tẹ̀. Ìkànnì ẹlòmíràn tó tọ́ka sí lè kógbá sílé, tàbí kí owó orúkọ rẹ̀ tán kí ẹnikẹ́ni má sì san án mọ́. Ilé iṣẹ́ ìwádìí Pew Research Center ní Amẹ́ríkà gbé àbọ̀ kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí lọ́dún 2024. Nínú àwọn ojú ìwé ọdún 2013 tí wọ́n yẹ̀ wò, ìdá 38 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò ṣeé ṣí mọ́ nígbà tó fi di oṣù kẹwàá ọdún 2023. Wọ́n tún yẹ Wikipedia èdè Gẹ̀ẹ́sì wò, wọ́n sì rí i pé ìdá 54 nínú ọgọ́rùn-ún ojú ìwé rẹ̀ ló ní, ó kéré tán, líǹkì kan tó ti kú láàárín àwọn ìtọ́kasí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Bí ìkànnì bá ní ojú ìwé mẹ́wàá, ẹnì kan lè jókòó kó tẹ gbogbo líǹkì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ojú ìwé bá di igba, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ogún líǹkì, ohun tó máa tẹ̀ ti di 4,000, yóò sì ti sú u kó tó dé ìdajì. Iṣẹ́ yìí ni wọ́n ń gbé fún ètò arìnkiri. Ètò kọ̀ǹpútà ni, ó sì ń ṣe bíi wolé-wolé tó ń wọ ojúlé kan tẹ̀lé òmíràn, tó ń kọ ohun tó bá rí sínú ìwé, tí kì í sì í wọ ilé kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ìrìn náà fúnra rẹ̀ kò le. Ohun tó le ni kí àkójọ tó bá mú bọ̀ jẹ́ èyí tí ènìyàn lè fi ṣiṣẹ́: kó sọ líǹkì tó kú, kó sọ ojú ìwé tí líǹkì náà wà, kó má sì pe alààyè ní òkú.

Ìlà àti ìwé àkọsílẹ̀

Nǹkan méjì ni ètò arìnkiri ń mú dání. Èkíní ni ìlà, níbi tí àwọn àdírẹ́sì tí kò tíì yẹ̀ wò ti tò sẹ́yìn ara wọn. Èkejì ni ìwé àkọsílẹ̀, níbi tó ń kọ gbogbo àdírẹ́sì tó ti fojú kàn sí, yálà ó ti yẹ̀ ẹ́ wò tàbí ó ṣì wà lórí ìlà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àdírẹ́sì kan ṣoṣo ló máa ń wà lórí ìlà, ìyẹn ti ojú ìwé àkọ́kọ́ ìkànnì náà. Ètò náà á mú un, á béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ sáfà, á kọ èsì sílẹ̀, á sì ka ojú ìwé tí sáfà fi ránṣẹ́ láti wá àwọn líǹkì inú rẹ̀. Líǹkì tí àdírẹ́sì rẹ̀ kò bá tíì sí nínú ìwé àkọsílẹ̀ á bọ́ sẹ́yìn ìlà. Lẹ́yìn náà, á mú àdírẹ́sì tó kàn. Ìgbà tí ìlà bá ṣófo ni iṣẹ́ parí.

Ìwé àkọsílẹ̀ yìí ni kì í jẹ́ kí ètò náà máa yí lójú kan. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ojú ìwé ló ní líǹkì tó padà sí ojú ìwé àkọ́kọ́. Bí kò bá sí ohun tó ń rán ètò náà létí pé ó ti débẹ̀, yóò máa lọ, yóò máa bọ̀, ìlà kò sì ní tán láé.

Bí ètò náà ṣe ń ka ojú ìwé yàtọ̀ sí bí ènìyàn ṣe ń kà á. Ojú ìwé ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní HTML, èdè tí wọ́n fi ń kọ ojú ìwé ayélujára, ó sì ń wá ibi tí wọ́n bá ti kọ `href` tàbí `src`:

```
<a href="foomu.pdf">Gba fọ́ọ̀mù</a>
<img src="/aworan/ogba.jpg">
```

Àdírẹ́sì tó wà ní ìlà kìíní kò pé, nítorí kò sí orúkọ ìkànnì nínú rẹ̀. Ètò náà gbọ́dọ̀ so ó mọ́ àdírẹ́sì ojú ìwé tó ti rí i. Bí ó bá rí i lójú `https://example.org/iroyin.html`, ohun tó ń tọ́ka sí ni `https://example.org/foomu.pdf`. Bí ó bá jẹ́ ojú `https://example.org/iroyin/2023/` ló ti rí i, ó ti di `https://example.org/iroyin/2023/foomu.pdf`, ibòmíràn pátápátá. Ìlà kejì ní àmì `/` níwájú, nítorí náà láti gbòǹgbò ìkànnì ni wọ́n ti ń kà á, ojú ìwé yòówù kó wà. Ọ̀pọ̀ líǹkì ló ń kú nítorí ìyàtọ̀ kékeré yìí: wọ́n gbé ojú ìwé kan wọ inú fódà tuntun, àwọn àdírẹ́sì tí kò ní `/` níwájú sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ka sí ibi tí nǹkan kan kò sí.

Ètò náà tún ń tún àdírẹ́sì ṣe kó tó fi sórí ìlà. Ohun tó bá wà lẹ́yìn àmì `#` wulẹ̀ ń darí ènìyàn sí apá kan nínú ojú ìwé kan náà ni, nítorí náà ètò á gé e kúrò kó má bàa béèrè ojú ìwé kan lẹ́ẹ̀marùn-ún. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `mailto:` tàbí `tel:` jẹ́ ti lẹ́tà orí ayélujára àti nọ́ńbà fóònù, á fo ìwọ̀nyẹn dá. Líǹkì tó bá jáde lọ sí ìkànnì ẹlòmíràn ní òfin tirẹ̀: ètò á béèrè rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láti mọ̀ bóyá ó wà láàyè, ṣùgbọ́n kò ní ka àwọn líǹkì inú rẹ̀. Láìsí òfin yìí, iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ lórí ìkànnì kékeré kan á gba inú ayélujára lọ, kò ní bọ̀ mọ́.

Èsì tí sáfà ń fún un

Gbogbo ìbéèrè tí sáfà bá dáhùn ló ń fi nọ́ńbà mẹ́ta ṣáájú èsì rẹ̀. Nọ́ńbà yìí ni ètò arìnkiri fi ń ṣe ìdájọ́. `200` túmọ̀ sí pé ohun tí wọ́n béèrè nìyí. `301` ń sọ pé ó ti kó lọ sí àdírẹ́sì mìíràn títí láé, `302` ń sọ pé ó kàn wà níbòmíràn fún ìgbà díẹ̀ ni. Ètò á tẹ̀ lé irú èsì méjèèjì yìí dé òpin, nítorí ibi tí wọ́n bá darí rẹ̀ sí náà lè ti kú. `404` ló gbajúmọ̀ jù: sáfà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí ohun tó ń jẹ́ orúkọ yẹn. `410` le ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó ń sọ pé ohun náà ti wà rí, wọ́n sì ti mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọ́ kúrò.

Àwọn èsì mìíràn wà tí kò sọ pé nǹkan kan kú. `403` túmọ̀ sí pé sáfà kọ̀ láti fi ohun náà han ẹni tó béèrè. `429` ń sọ pé ìbéèrè ti pọ̀ jù, kí oníbèéèrè dẹwọ́. `500` àti `503` ń sọ pé sáfà fúnra rẹ̀ ní ìṣòro lọ́wọ́lọ́wọ́. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, èsì kankan kò ní wá. Ó lè jẹ́ pé sáfà ò tètè fèsì títí àkókò fi kọjá, ó sì lè jẹ́ pé orúkọ ìkànnì náà kò sí nínú ìwé orúkọ ayélujára mọ́ rárá.

Nítorí náà, ọ̀nà mẹ́ta ló yẹ kí ètò tó dára pín èsì sí. Àwọn alààyè ni `200` àti èyí tí ìdarí rẹ̀ parí sí `200`. Àwọn òkú ni `404`, `410` àti orúkọ ìkànnì tí kò sí mọ́. Ìyókù jẹ́ iyèméjì, ìyẹn `403`, `429`, `500`, `503` àti sáfà tí kò fèsì. Ó yẹ kí ètò padà lọ bá àwọn oníyèméjì yìí lẹ́yìn wákàtí díẹ̀ tàbí lọ́jọ́ kejì, nítorí sáfà tí iná rẹ̀ lọ láàárọ̀ lè ti jí ní ìrọ̀lẹ́. Àkójọ tó bá kó gbogbo wọn pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan á mú kí ẹni tó ń ṣàtúnṣe yọ líǹkì tí kò ṣe nǹkan kan.

Àpẹẹrẹ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin

Ìkànnì kékeré kan, ti iléèwé kan, lè fi bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ hàn. Kí àdírẹ́sì rẹ̀ jẹ́ `https://example.org/`, orúkọ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ lórí ayélujára fún àpẹẹrẹ. Ètò béèrè ojú ìwé àkọ́kọ́, ó gba `200`, ó sì rí líǹkì mẹ́ta níbẹ̀: `nipa.html`, `iroyin.html` àti `olubasoro.html`. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bọ́ sórí ìlà.

Ó mú `nipa.html`. Líǹkì mẹ́ta ló wà níbẹ̀: ọ̀kan padà sí ojú ìwé àkọ́kọ́, ọ̀kan lọ sí `olubasoro.html`, ẹ̀kẹta jẹ́ àwòrán ọgbà iléèwé, `ogba.jpg`. Àwọn méjì àkọ́kọ́ ti wà nínú ìwé àkọsílẹ̀, àwòrán nìkan ló jẹ́ tuntun. Ó kan `iroyin.html`, líǹkì mẹ́rin sì wà lórí rẹ̀: ojú ìwé àkọ́kọ́, `idanwo-2023.html`, `foomu.pdf` àti líǹkì kan tó jáde lọ sí `https://example.net/eto`. Mẹ́ta nínú wọn jẹ́ tuntun. Lójú `olubasoro.html`, líǹkì méjì ló wà, ọ̀kan sí ojú ìwé àkọ́kọ́, ọ̀kan sí `Nipa.html`.

Ibí yìí ni ojú ti lè tan ènìyàn. `Nipa.html` àti `nipa.html` jọ ara wọn, ṣùgbọ́n lórí ọ̀pọ̀ sáfà, lẹ́tà ńlá àti lẹ́tà kékeré kì í ṣe ọ̀kan. Ètò gbà pé àdírẹ́sì tuntun ni, ó sì fi sórí ìlà. Ó béèrè `ogba.jpg`, ó gba `200`. Àwòrán kò ní líǹkì nínú, nítorí náà kò sí ohun tó máa kà níbẹ̀. Ó ṣí `idanwo-2023.html`, ó bá líǹkì méjì, ọ̀kan sí ojú ìwé àkọ́kọ́, ọ̀kan sí `foomu.pdf` tó ti wà lórí ìlà tẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ó béèrè `foomu.pdf`, sáfà sì dá a lóhùn pé `404`. `https://example.net/eto` fún un ní `403`. `Nipa.html`, èyí tó ní lẹ́tà ńlá, fún un ní `404`. Ìlà ṣófo, iṣẹ́ parí. Líǹkì 14 ló wà lórí ìkànnì náà, ṣùgbọ́n àdírẹ́sì 9 péré ni wọ́n ń tọ́ka sí, nítorí náà ìgbà 9 péré ni ètò lọ béèrè nǹkan. Àdírẹ́sì méjì kú, ọ̀kan jẹ́ iyèméjì.

Ohun kan wà nínú àpẹẹrẹ yìí tí ètò tí wọ́n kọ láìfarabalẹ̀ máa ń pàdánù. Ojú ìwé méjì ló ní líǹkì sí `foomu.pdf`. Nígbà tí ètò pàdé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, kò ní ìdí láti tún fi sórí ìlà, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé `idanwo-2023.html` náà tọ́ka sí i. Bí kò bá kọ ọ́, olùtúnṣe á tún líǹkì orí `iroyin.html` ṣe, á rò pé ọ̀rọ̀ ti parí, nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ tó wá fọ́ọ̀mù gba ojú ìwé ìdánwò ṣì ń bá òfìfo pàdé.

Òkú tó ń dáhùn, alààyè tó ń dákẹ́

Ìṣòro tó ga jù nínú iṣẹ́ yìí ni pé sáfà lè purọ́ láìmọ̀. Àwọn ìkànnì kan wà tí wọ́n ṣètò wọn débi pé àdírẹ́sì tí kò sí á mú ojú ìwé ẹlẹ́wà kan jáde tó ń sọ pé, "Ẹ jọ̀wọ́, a kò rí ohun tí ẹ ń wá," ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí sáfà fi ránṣẹ́ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn ni `200`. Ènìyàn tó bá kà á mọ̀ pé òkú ni. Ètò arìnkiri kò mọ̀, ó ka líǹkì náà mọ́ àwọn alààyè. Àwọn ìkànnì mìíràn ń darí gbogbo àdírẹ́sì tí kò sí sí ojú ìwé àkọ́kọ́ wọn, ìyẹn náà sì ń parí sí `200`.

Ọ̀nà kan wà láti mọ irú ìkànnì bẹ́ẹ̀. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ètò á hun àdírẹ́sì kan tó dájú pé kò lè sí, bíi `https://example.org/ko-si-nibi-7381`, á sì béèrè rẹ̀. Bí sáfà bá dáhùn `404`, èsì rẹ̀ ṣeé gbára lé. Bí ó bá dáhùn `200`, ètò ti mọ̀ pé `200` nìkan kò tó ẹ̀rí lórí ìkànnì yìí. Ó lè wá tọ́jú ojú ìwé tó gbà yẹn, kó sì máa fi wé àwọn yòókù. Èyí tó bá bá a mu ni kí wọ́n fura sí.

Orúkọ ìkànnì tó ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn tún le ju èyí lọ. Bí ẹgbẹ́ kan bá pa ìkànnì rẹ̀ tì, oníṣòwò orúkọ lè rà á, kó sì fi ìpolówó ọjà kún un. Líǹkì sí ìkànnì náà ń ṣí, `200` ni nọ́ńbà rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n tọ́ka sí mọ́. Ojú ènìyàn ló lè dá irú èyí mọ̀ dájú, nítorí náà ó yẹ kí ẹnì kan máa ṣí àwọn líǹkì tó jáde sí ìta wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ní òdìkejì, alààyè lè dà bí òkú. Ọ̀pọ̀ ìkànnì ńlá ni kì í fẹ́ kí ètò kọ̀ǹpútà wọlé, `403` sì ni wọ́n ń fún un, nígbà tí ojú ìwé kan náà ń ṣí wẹ́rẹ́ fún ẹni tó di fóònù mú. Ọ̀nà tí ètò gbà béèrè náà lè fa èyí. Láti má fi dátà ṣòfò, ètò lè lo ìbéèrè `HEAD`, tó ń gba nọ́ńbà èsì nìkan láìgba ojú ìwé fúnra rẹ̀. Àwọn sáfà kan kò gbà á, wọ́n á dáhùn `405`. Ètò tó gbọ́n á padà béèrè pẹ̀lú `GET`, irú ìbéèrè tí bíráúsà ń lò, kó tó dájọ́.

Lẹ́tà tó jọra tí kì í ṣe ọ̀kan

Ìkànnì tó ń fi Yorùbá kọ orúkọ ojú ìwé rẹ̀ ní ewu kan tí ti Gẹ̀ẹ́sì kò ní. Kọ̀ǹpútà ní ọ̀nà méjì láti kọ lẹ́tà ọ. Ó lè kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan ṣoṣo, ó sì lè kọ o kó wá fi àmì ìsàlẹ̀ tẹ̀ lé e gẹ́gẹ́ bí nǹkan kejì. Lójú ìwé, kò sí ẹni tó lè fojú dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Nínú àdírẹ́sì, níbi tí wọ́n ti ń yí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ padà sí àmì `%` àti nọ́ńbà, ìyàtọ̀ wọn hàn gbangba. Ojú ìwé tó ń jẹ́ `ọja.html` lè di ọ̀kan nínú méjì yìí:

```
%E1%BB%8Dja.html
o%CC%A3ja.html
```

Bí fáìlì bá wà lórí sáfà pẹ̀lú orúkọ ti òkè, tí ẹni tó kọ líǹkì sì lo kíbọọ̀dù tó ń tẹ ti ìsàlẹ̀, `404` ni sáfà sábà máa fi dáhùn. Ẹni tó bá fi ojú lásán yẹ ọ̀rọ̀ náà wò á sọ pé àkójọ ló ń parọ́, nítorí àdírẹ́sì inú rẹ̀ àti orúkọ fáìlì bára mu dórí ẹ̀kún kan. Ohun tó yẹ ni kí àkójọ fi àdírẹ́sì hàn bí sáfà ṣe gbà á gan-an, pẹ̀lú àwọn àmì `%` rẹ̀.

Bákan náà, ètò kò gbọ́dọ̀ sọ àwọn méjèèjì di ọ̀kan nínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, nítorí bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, á fi èsì ti alààyè bo ti òkú mọ́lẹ̀. Sọfitiwia Wikipedia ti yanjú èyí lọ́dọ̀ tirẹ̀, ó ń yí àwọn méjèèjì sí ìrísí kan kó tó wá ojú ìwé, nítorí náà Wikipedia èdè Yorùbá kì í ní ìṣòro yìí. Ẹni tó bá ń kọ́ ìkànnì fúnra rẹ̀ lè fi àmì àti ohùn sára àkọlé, kó sì fi lẹ́tà lásán kọ orúkọ fáìlì: `oja.html`.

Ìwà lójú ọ̀nà

Ètò kọ̀ǹpútà lè béèrè ọgọ́rùn-ún ojú ìwé láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, sáfà kékeré kò sì lè gba irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Ìkànnì lè dákú nítorí ẹni tó fẹ́ ràn án lọ́wọ́. Àwọn èsì `503` àti `429` á wá kún inú àkójọ, ètò náà gan-an ló sì dá wọn sílẹ̀. Bí àwọn èsì yìí bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá lójijì láàárín iṣẹ́, àmì nìyẹn pé ìrìn ti yá jù. Àṣà tó dára ni kí ètò sinmi fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan láàárín ìbéèrè méjì. Fún àdírẹ́sì 3,000, àádọ́ta ìṣẹ́jú nìyẹn.

Ètò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ka fáìlì `robots.txt` tó wà ní gbòǹgbò ìkànnì. Níbẹ̀ ni onílé ti ń sọ apá tí kò fẹ́ kí ètò arìnkiri wọ̀. Martijn Koster ló dábàá ìlànà yìí lọ́dún 1994. Ọdún 2022 ni ó di ìlànà tí ẹgbẹ́ IETF tẹ̀ jáde gẹ́gẹ́ bí RFC 9309.

Àwọn ibì kan wà tí ìrìn kì í tán. Kàlẹ́ńdà orí ìkànnì sábà máa ń ní líǹkì sí oṣù tó ń bọ̀, oṣù tó ń bọ̀ náà á ní líǹkì sí èyí tó tẹ̀ lé e, ètò á sì máa lọ títí á fi dé ọdún 2900. Ẹni tó ń wo ìlà á rí i pé ó ń gùn sí i dípò kó máa kúrú, àti pé àwọn àdírẹ́sì inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà, nọ́ńbà ìparí nìkan ló ń yí. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń pààlà fún ètò, bóyá kó má kọjá líǹkì márùn-ún sí ojú ìwé àkọ́kọ́. Wọn kò sì gbọ́dọ̀ rán ètò arìnkiri lọ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ aṣínà alábòójútó, nítorí gbogbo líǹkì ló ń tẹ̀ lé. Bí ọ̀kan nínú wọn bá jẹ́ "Pa ojú ìwé yìí rẹ́," yóò tẹ̀ lé ìyẹn náà.

Àkójọ tí ènìyàn lè fi ṣiṣẹ́

Kò pọn dandan kí ènìyàn kọ ètò tirẹ̀. `wget`, irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ kan, lè ṣe iṣẹ́ náà pẹ̀lú àṣẹ kan ṣoṣo:

```
wget --spider -r -nd -nv -w 1 -o abo.log https://example.org/
```

`--spider` ní kó yẹ̀ ẹ́ wò láìtọ́jú ohunkóhun, `-r` ní kó máa tẹ̀ lé líǹkì, `-w 1` ní kó sinmi fún ìṣẹ́jú àáyá kan, `-o` sì ń kọ àbọ̀ sínú fáìlì `abo.log`. Lórí ìkànnì iléèwé yẹn, ìparí fáìlì náà á rí báyìí:

```
Found 2 broken links.

https://example.org/foomu.pdf
https://example.org/Nipa.html
```

Òótọ́ ni àbọ̀ yìí, ṣùgbọ́n kò pé. Kò sọ ojú ìwé tí àwọn líǹkì náà wà, kò sì yẹ líǹkì tó jáde sí ìta wò, nítorí `wget` kì í kúrò lórí ìkànnì tí wọ́n rán an sí àfi tí wọ́n bá sọ fún un. Irinṣẹ́ mìíràn, `linkchecker`, ń ṣe méjèèjì:

```
linkchecker --check-extern -F csv https://example.org/
```

Ó ń kọ àbọ̀ rẹ̀ sínú fáìlì `linkchecker-out.csv`, tí ènìyàn lè ṣí bíi tábìlì. Òpó inú rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n mẹ́rin ló ṣe kókó fún ẹni tó fẹ́ ṣàtúnṣe: nọ́ńbà èsì, àdírẹ́sì tó kú, ojú ìwé tí líǹkì náà wà, àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń tẹ̀. Bí wọ́n bá yọ àwọn yòókù kúrò, àkójọ iléèwé náà á dà báyìí:

```
404, /foomu.pdf, /iroyin.html, Gba fọ́ọ̀mù
404, /foomu.pdf, /idanwo-2023.html, Fọ́ọ̀mù ìdánwò
404, /Nipa.html, /olubasoro.html, Nípa wa
403, https://example.net/eto, /iroyin.html, Ètò ẹ̀kọ́
```

Ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ iṣẹ́ kan. Ọ̀rọ̀ ìparí ni kì í jẹ́ kí olùtúnṣe wá líǹkì náà káàkiri ojú ìwé. Àwọn tó ní àdírẹ́sì kan náà wà papọ̀, kí ó lè hàn pé fáìlì kan ṣoṣo ló fa ìlà méjì. Lórí ìkànnì ńlá, ọ̀nà yìí ń dín iṣẹ́ kù gan-an. Bí líǹkì kan bá kú nínú àtẹ tó wà ní ìsàlẹ̀ gbogbo ojú ìwé, igba ojú ìwé á fún àkójọ ní igba ìlà, ṣùgbọ́n àtúnṣe kan péré ló ń pa gbogbo wọn rẹ́.

Àkójọ náà ní ibi tí kò dé. Ètò arìnkiri kò lè dé ojú ìwé tí kò sí líǹkì kankan tó tọ́ka sí i. Bí ìkànnì bá ní fáìlì `sitemap.xml`, tó to àwọn ojú ìwé rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n lè fi kún ìlà láti ìbẹ̀rẹ̀. Bákan náà, àwọn ìkànnì kan wà tó jẹ́ pé inú bíráúsà ni JavaScript ti ń kọ ojú ìwé wọn. Lójú ètò tó ń ka HTML nìkan, òfìfo ni wọ́n. Bí àbọ̀ bá sọ pé líǹkì mẹ́ta péré ló wà lórí ìkànnì tí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ó tóbi, ibẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò, kí wọ́n sì lo ètò tó ń ṣí ojú ìwé nínú bíráúsà gidi.

Àtúnṣe tó yẹ ìlà kọ̀ọ̀kan wà lọ́wọ́ ohun tó pa líǹkì náà. Àṣìtẹ̀, bíi `Nipa.html`, ń fẹ́ kí wọ́n tún lẹ́tà kan kọ lójú ìwé `olubasoro.html`. Fọ́ọ̀mù tó sọnù ń fẹ́ kí wọ́n dá fáìlì náà padà sí àyè rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ orúkọ rẹ̀ ni wọ́n yí padà, ìdarí `301` láti àdírẹ́sì àtijọ́ sí tuntun ló dára jù, nítorí ó ń gba àwọn tó ti kọ àdírẹ́sì àtijọ́ sílẹ̀ níbòmíràn náà là. Fún `403`, ẹnì kan á fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí líǹkì náà. Bí ó bá ṣí, wọ́n á fi í sílẹ̀. Bí ìkànnì ẹlòmíràn bá ti kú pátápátá, wọ́n lè wá ojú ìwé náà nínú Wayback Machine, ibi tí Internet Archive ń kó ẹ̀dà ojú ìwé ayélujára pamọ́ sí láti ọdún 1996, kí wọ́n sì darí líǹkì sí ẹ̀dà náà. Bí kò bá sí níbẹ̀, wọ́n á yọ líǹkì kúrò kí wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, wọ́n á tún rán ètò náà jáde, nítorí àtúnṣe fúnra rẹ̀ lè pa líǹkì mìíràn. Ìlà tí kò bá sí nínú àkójọ kejì mọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀ ti parí.